Ìlà Búlúù Lára Ìgò

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń fọ̀rọ̀ pamọ́: èmi ni mo ṣi ìṣirò ṣe. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe àwọn tó ṣe ìgò, kì í sì í ṣe Pẹ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ alẹ́. Èmi tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Ìyá Onígò ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń tọ́jú àwọn tí àyà ń dùn, mo sì ti gbé ìgò ọyún ju iye ìgbà tí àwọn mìíràn gbé ọmọ wọn lọ. Àṣìṣe mi yìí fẹ́ẹ́ pa ọkùnrin kan lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kíní nítorí pé mi ò mọ̀ pé mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀kejì nítorí pé mo jẹ́wọ́ rẹ̀.

Akunlé ni ọkùnrin náà. Alákàsọ̀ là ń pè é, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, bí ara rẹ̀ ti ń gbóná tó, ohun tó ń béèrè ni bóyá wọ́n ti bá òun gbé àkàsọ̀ òun wọlé kí olè tó jí i. Kò tí ì pé ogójì ọdún. Eyín rẹ̀ kan ti jẹrà fún ọdún kan gbáko, kò yọ ọ́. Ó wá mutí yó lọ́jọ́ kan, ó sùn gbalaja, ó bì lójú oorun, ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ sì gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ọ̀tún lọ. Ibẹ̀ ló gbé rà, tó sì di ihò tó kún fún ọyún. Ó ra oògùn apakòkòrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, ara rẹ̀ balẹ̀, ló bá jù ú nù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ikọ́ rẹ̀ ti ń rùn débi pé ìyàwó rẹ̀ kó lọ sùn ní pálọ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan fún un ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àmọ́ ihò náà ti jo sí ìta ẹ̀dọ̀fóró kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọyún ti kún àárín ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà rẹ̀, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé láyà.

Dókítà wa fi ẹ̀rọ wo àyè ibi tí ọyún náà wà, ó gún un láàárín egungun ìhà méjì, ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Ọ̀gá tuntun ni dókítà yìí, ọmọ tí mo lè bí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ìdí rọ́bà náà wà nínú omi ìgò tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ohun tó wà láyà lè máa jáde, kí afẹ́fẹ́ má sì rọ́nà padà wọlé. Òfin mi kan ṣoṣo fún àwọn àlejò ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìgò yẹn ga ju àyà aláìsàn lọ, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n Alákàsọ̀ obìnrin ló ń dúró tì í. Tíṣà ìṣirò ni, ó gbọ́n, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní ọyún wà níbi méjì, ọ̀kan nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀kan níta rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ẹyọ rọ́bà kan lẹ kì bọ̀ ọ́?"

"Tíṣà, èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ni. Ṣé o ò rí kóòpù tó ń wúkọ́ sí láràárọ̀ ni? Ọyún yẹn ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Tí a bá lu ẹ̀dọ̀fóró láti dé ibẹ̀, ọyún lè dà síbi tó mọ́, afẹ́fẹ́ á sì máa jo. Oògùn ló máa gbẹ ìyẹn, oògùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Àfi tí oògùn bá kọ̀ la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níta, kò ní ilẹ̀kùn kankan. Tí o bá da gbogbo oògùn ayé lé e lórí, inú ọyún yẹn kò níí gbọ́. Àwa la gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé yẹn kan náà ló padà wá yọ mí lẹ́nu.

Bí a ṣe ń ka ọyún ní wọ́ọ̀dù wa rọrùn. Láràárọ̀ a ó da ìgò nù, a ó fọ̀ ọ́, a ó bu omi tuntun tó mọ́ sí i, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a ó wo ibi tí omi ga dé, a ó yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ọyún. Èmi ni mo kọ ọ́ sára ògiri lókè síǹkì pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: YỌ Ẹ̀Ẹ́DẸ́GBẸ̀TA. Kò sí nọ́ọ̀sì tó kọjá lọ́wọ́ mi tí kò mọ̀ ọ́n lórí.

Ọjọ́ kìíní rọ́bà yẹn, ọyún tó jáde lé ní ẹgbẹ̀rin mílì. Ọjọ́ kejì, irinwó. Lẹ́yìn náà, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá, lẹ́yìn náà igba ó lé àádọ́rin. Àpẹẹrẹ rere ni. Ọjọ́ karùn-ún ni ìgò tuntun dé, oníke, wọ́n kó o sínú páálí. Ìgò onígíláàsì tí à ń lò tẹ́lẹ̀ ti ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, inú gbogbo wa sì dùn. Ìlà búlúù kan wà nísàlẹ̀ ìgò tuntun náà, níbi tí èèyàn gbọ́dọ̀ bu omi dé. Nọ́ńbà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti irinwó lọ sókè. Ìwé pélébé kan tẹ̀ lé e nínú páálí. Pẹ̀lẹ́ mú un wá bá mi.

"Ìyá, ẹ ò níí kà á?"

"Kí ni n ó kà níbẹ̀? Ìgò ni, kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú."

Mo fi ìwé náà nu ọwọ́. Ọlọ́run ló mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọyún Alákàsọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ kíákíá nínú ìwé. Àádọ́ta. Ọgbọ̀n. Mẹ́wàá. Dókítà ń mi orí pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Èmi náà ń ṣe fáàrí. Ohun kan ṣoṣo tó ń rùn sí mi nímú ni pé ara ọkùnrin náà ṣì ń gbóná lálaalẹ́, díẹ̀ báyìí, mo sì sọ pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Èèyàn lè máa wá àlàyé fún ohun tó wà níwájú rẹ̀ gbangba.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Pẹ̀lẹ́ ń gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ Pẹ̀lẹ́ mọ̀ pé ó lè fi wákàtí kan sọ ohun tí ẹlòmíràn á fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ. Ó jókòó, ó yẹ ìwé wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Ìyá, òdo ni mo kọ fún Alákàsọ̀."

"A dúpẹ́."

"Mo ní kí n sọ fún yín ni. Ìgò fi irinwó ó lé ọgọ́rin hàn mí. Mo yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó dín ní ogún. Mo ronú ronú, mo wá kọ òdo."

"Ó dín ní ogún?"

"Ó dín ní ogún."

"Pẹ̀lẹ́, ṣé ọkùnrin yìí ń fi àyà mu omi ìgò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Omi tí èèyàn bù sí ìgò láàárọ̀ àná kì í dín láàárọ̀ òní nígbà tí ọyún tún ń kán sí i lórí. Mo dìde, mo wọ yàrá tí a ti ń fọ nǹkan, mo fa ìgò tuntun kan yọ nínú páálí. Mo bu omi sí i dé ìlà búlúù, mo da omi náà sínú jọ́ọ̀gì tí a fi ń wọn nǹkan. Mo wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tún un wò.

Ọ̀ọ́dúnrún.

Ìyẹn ni pé ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí à ń yọ igba tí kò sí níbẹ̀. Àádọ́ta tí mo kọ jẹ́ igba ó lé àádọ́ta. Mẹ́wàá jẹ́ igba ó lé mẹ́wàá. Òdo Pẹ̀lẹ́ jẹ́ ọgọ́sàn-án mílì ọyún tó nípọn, tó sì ń rùn. Mo gbójú sókè, mo rí ọ̀rọ̀ ara mi lára ògiri, lẹ́tà gàdàgbà. Ojú tì mí débi pé mo di síǹkì mú.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ irinṣẹ́ tí wọ́n ń tì lọ sí ibi bẹ́ẹ̀dì Alákàsọ̀.

Bí mo ti débẹ̀, dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́. Ó ti tú báńdéèjì, òwú tó so rọ́bà mọ́ awọ ti hàn síta, àlùmọ́gàjí sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n aláìsàn, tíṣà, dúró pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Alákàsọ̀ fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fún un níṣẹ́ láti kun ilé ẹ̀kọ́ kan kí àwọn ọmọ iléèwé tó wọlé, ọjọ́ sì ti sún mọ́lé.

"Dókítà, ẹ má gé e."

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti wà lábẹ́ àádọ́ta, òdo ni lónìí, omi inú rọ́bà sì ń lọ sókè sódò bó ti ń mí. Rọ́bà kò dí. Kò sí nǹkan mọ́ níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀."

"Fáìlì sọ pé kò sí."

"Fáìlì ń purọ́."

Ó gbé ojú sókè. Ó fi ìka tọ́ka sí ìwé náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ta ló kọ eléyìí? Èyí ńkọ́? Ọwọ́ yín kọ́ nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Kí ni ẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

Èrò pọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Pẹ̀lẹ́ wà níbẹ̀, tó yẹ kó ti máa lọ ilé. Aláìsàn mẹ́fà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, etí gbogbo wọn ló dúró ṣánṣán. Mo lè sọ pé kí dókítà jẹ́ ká jáde síta, ká sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Mo rò ó. Àmọ́ àlùmọ́gàjí yẹn ti kan òwú.

"Ìgò tuntun yìí, ọ̀ọ́dúnrún ni ìlà rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni mo ń yọ. Ìwé tó bá a wá wà nínú páálí, mi ò kà á. Gbogbo òǹkà tó wà nínú fáìlì yẹn láti ọjọ́ mẹ́rin, ẹ fi igba kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe Pẹ̀lẹ́. Ọgọ́sàn-án mílì ló jáde láàárín àná sí òní. Tí ẹ bá yọ rọ́bà yẹn, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọyún. Yóò dì, yóò yi bí awọ bàtà, á dì mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á sì ní láti la àyà rẹ̀ kí wọ́n tó lè bó o kúrò. Ìyẹn tí kò bá tí ì kú."

Ojú dókítà pọ́n díẹ̀. Ó ní òun á wo fọ́tò àyà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní funfun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ àpá lásán, ó ní àwọn tó ń dúró de bẹ́ẹ̀dì pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo fàáké kọ́rí. Mo tẹ̀ síwájú, mo dúró láàárín òun àti ọkùnrin náà, mo nawọ́.

"Ẹ gbé àlùmọ́gàjí yẹn fún mi, Dókítà. Tí mo bá tún purọ́, ẹ lé mi lọ lónìí."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun alára, ó wo ìlà búlúù ìgò náà, ó ka lẹ́tà wínníwínní tó wà nídìí rẹ̀. Ó dìde. Ó fi àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́, ó sì fi báńdéèjì tuntun dí ojú egbò náà fúnra rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ẹ̀rọ fi hàn wá pé ọyún ṣì wà nísàlẹ̀. Rọ́bà náà lo ọjọ́ méje sí i. Nígbà tí ohun tó ń jáde di ogójì, tó di ọgbọ̀n, ogójì òtítọ́ àti ọgbọ̀n òtítọ́, tí fọ́tò sì fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ti fẹ̀ padà dé ìhà, a yọ ọ́. Ara rẹ̀ kò gbóná mọ́. Ní ti èmi, wọ́n kọ lẹ́tà sí mi láti ọ́fíìsì pé kí n ṣàlàyé ẹni tó jẹ̀bi. Ìlà kan ni mo fi fèsì: Èmi ni. Mo fọ ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn kúrò fúnra mi.

Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, n bá máa yan káàkiri. Àmọ́ ọyún tó wà níta nìkan la gbọ́n jáde. Ihò inú ẹ̀dọ̀fóró ṣì wà.

Dókítà fi oògùn oníhóró rọ́pò abẹ́rẹ́, ó ní kó máa wá gba ti ọ̀sẹ̀ kan kan ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òun fojú sùn, láti ọjọ́ tí rọ́bà wọlé, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́tò ni yóò sọ. Tíṣà ṣí ìwé rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí rọ́bà wọlé? Ọjọ́ márùn-ún ti ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́wàá abẹ́rẹ́ ńkọ́? Mo ti kà wọ́n mọ́ ọn."

"Ọjọ́ òfo ni," mo dá a lóhùn. "Ọyún ṣì wà nínú àyà rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó ń gbálẹ̀ nígbà tí òrùlé ń jò, ìgbà wo ló gbálẹ̀? Ọjọ́ tí a bá ṣí ilẹ̀kùn fún ọyún ni ọjọ́ kìíní."

Alákàsọ̀ kàn ń wò mí. Mi ò fẹ́ràn ìwò yẹn, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí rọ́bà wọlé, ó wá ya fọ́tò. Ihò tó tó ìkúùkù tẹ́lẹ̀ ti di bí ẹyin adìẹ. Ó ti sanra, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gun àtẹ̀gùn. Dókítà ní kó máa bá oògùn lọ, kó padà wá ya òmíràn. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, kò wá gba oògùn. Mo yẹ ìwé àwọn tó gba oògùn wò lọ́jọ́ Ajé, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ọjọ́ ìsinmi mi. Mo lọ bá dókítà lọ́ọ́fíìsì.

"Ẹ fún mi ní oògùn rẹ̀ àti fọ́tò méjèèjì."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. "Tí ara rẹ̀ bá ń gbóná, tàbí tí ikọ́ rẹ̀ bá ń rùn, ẹ mú un padà wá lónìí."

Mo bá a nílé ẹ̀kọ́ tó ń kùn. Ó wà lókè àkàsọ̀, ó ń kun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, aṣọ rẹ̀ ti di aláràbarà. Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀, ó ń ṣe ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ni ni. Ó dìde bó ti rí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ojú tì í.

"Alákàsọ̀, sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Oògùn rẹ rèé. Ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá."

"Mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi kà á. Ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ abẹ́rẹ́, ọjọ́ wọ́ọ̀dù, ọjọ́ ilé. Ó lé, pàápàá."

"Mo ti sọ fún yín bí a ṣe ń kà á."

Ó dá búrọ́ọ̀ṣì dúró. Ó bojú wolẹ̀ láti òkè, kò pariwo. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tí ẹ fi igba ṣi ìṣirò fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ẹ fẹ́ẹ́ pa mí, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́?"

Ìyá tó bí mi kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Ohun tí ìwò ọjọ́ yẹn gbé sínú nìyí. Tí mo bá fi àṣìṣe mi pamọ́ ni, tí mo bá ti bá dókítà sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ọkùnrin yìí ì bá gbà mí gbọ́ bí ẹni gba ìwé mímọ́, ì bá sì ti máa gbé oògùn rẹ̀ mì. Mo rò ó bẹ́ẹ̀, mo sì bínú sí òtítọ́ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ìbínú tèmi kì í jẹ́ kí n padà sílé. Mo fa bẹ́ǹṣì tíṣà, mo gbé e sí ìdí àkàsọ̀ gan-an, mo jókòó lé e.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń sinmi. Ọjọ́ ìsinmi mi ni. Tí o bá fẹ́ jẹun, tí o bá fẹ́ tọ̀, wàá gba orí mi kọjá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilé lọ. Ó kùn ún, ó kùn ún. Ojú oòrùn yí. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé lókè ti tán, àkàsọ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣí nípò, mi ò sì dìde. Tíṣà ń bẹ̀ mí, ó tún ń bẹ̀ ẹ́, kò mọ ẹni tí ìbá kọ́kọ́ bá wí. Ìgbà náà ni ikọ́ gbé e. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Ó fa àkísà yọ lápò, ó tutọ́ sí i, ó tún un ká. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti mọ òórùn yẹn, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ mi nísàlẹ̀. Tíṣà náà gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Láti ìgbà wo?" mo béèrè.

Ó ki àkísà náà padà sápò.

"Láti ìgbà wo, àbúrò mi?" tíṣà béèrè.

"Láti àná."

Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró sórí ìdásẹ̀lé tó gbẹ̀yìn, kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ níwájú mi. Mo fa fọ́tò méjèèjì yọ nínú àpòòwé, mo tẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì fèrèsé tí ọ̀dà kò tí ì kàn, kí ìmọ́lẹ̀ lè là wọ́n kọjá.

"Má gbà mí gbọ́," mo wí. "O jàre. Mo ṣi ìṣirò ṣe, mo lè tún un ṣì ṣe lọ́la. Má gba tíṣà náà gbọ́, òun náà ṣi tirẹ̀ ṣe, kò kàn tí ì jẹ́wọ́ ni. Lo ojú ara rẹ. Èyí ni àyà rẹ lọ́jọ́ tí o dé. Kí lo rí níbí?"

"Ihò."

"Ó tóbi tó báwo? Èyí ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí lo rí?"

Ó na ọrùn sí fọ́tò náà. Akunlé ni, ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ògiri tó lanu. "Ihò náà ṣì wà."

"Ṣé wàá kun ilé lórí ihò? O mọ̀ pé tí o bá kùn ún lórí, yóò tún là. Oògùn ló ń dí i látinú wá. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ń wò ó sàn, ihò náà ni yóò sọ ọjọ́ tó bá tó. A óò máa ya fọ́tò títí yóò fi dí, tàbí títí yóò fi di àpá kékeré tí kò yí padà mọ́. Tó bá di oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta ni. Tí o bá ti gbọ́ òórùn yẹn lánàá tí o sì gun àkàsọ̀ lónìí, ìwọ náà ti ń kọ òdo sínú fáìlì nígbà tí ọyún ń kán."

Tíṣà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Èmi náà ṣì í kà." Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Alákàsọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo ní ká máa lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n yẹ àyà rẹ̀ wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló tún kàn. Ó ní òun ti gbọ́. Ó nawọ́, ó gba páálí oògùn náà, ó tẹ hóró kan yọ. Tíṣà gbé omi fún un. Kò rẹ́rìn-ín sí mi, kò dúpẹ́, ojú rẹ̀ le koko.

"Èmi ni n ó máa kà á fúnra mi," ó wí. "Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Kà á sókè, kí n gbọ́."

Ó gbé e mì.

"Oókan," ó ní.